Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ìwé tuntun: iye owó, ọjọ́ àti ẹ̀dà tí òǹkọ̀wé fọwọ́ sí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ tẹ ìwé ìtàn àròsọ mi jáde. *Òwú Tí Kò Já* ni mo pè é, ojú ewé 208 ni, ẹ̀dà 500 ni mo fẹ́ tẹ̀, ó sì ti wà lọ́dọ̀ onítẹ̀wé ní Mókólá. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn sanwó sílẹ̀ ní ₦5,500 kó tó jáde, kí n sì fọwọ́ sí tiwọn. Ohun tí mo kọ sábẹ́ àwòrán èèpo ìwé náà nìyí: "Ẹ bá mi yọ̀ o! Òwú Tí Kò Já ń bọ̀ lọ́nà láìpẹ́! Ẹ tètè béèrè tiyín, ẹ ó gba èyí tí mo fọwọ́ sí. Ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì fún iye owó." Àwọn èèyàn kí mi kú oríire lọ́tùn-ún lósì, ẹnì kan ṣoṣo ò sanwó. Kí ni kí n kọ?
— Abílékọ òǹkọ̀wé kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, mà. Ohun tí ẹ ní kí wọ́n ṣe gan-an ni wọ́n ṣe: ẹ ní kí wọ́n bá yín yọ̀, wọ́n sì bá yín yọ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ìwé nínú wọn ni ò rí ohun tó máa ṣe. Kò mọ iye tó ń jẹ́, kò mọ ọjọ́ tó máa dé, kò rí àkáǹtì tó máa sanwó sí. Ẹ ní kó wá béèrè ní ínbọ́ọ̀sì, ó sì níláti dúró kí ẹ tó dáhùn. Kí ẹ tó dáhùn, owó náà ti bá nǹkan mìíràn lọ. Èèyàn mìíràn á sì rò pé bí wọ́n bá ń fi iye owó pamọ́, a jẹ́ pé ó wọ́n jù, kò tiẹ̀ ní béèrè rárá.

Kíkọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò le. Ohun tó le ni pé nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ ti yé ẹ̀yin gan-an kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù: ọjọ́ tí ìwé máa kúrò lọ́wọ́ yín, àpapọ̀ owó tí oníbàárà máa san títí ìwé á fi dé ọwọ́ rẹ̀, àti iye ẹ̀dà tí ẹ lè fọwọ́ sí láìjẹ́ pé ó dá iṣẹ́ dúró. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́, torí òun ló máa ń dá ìjà sílẹ̀.

Bí onítẹ̀wé bá sọ pé "ọ̀sẹ̀ méjì", kì í ṣe òní ló ti ń kà á. Ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí púrúùfù, ìyẹn ẹ̀dà àyẹ̀wò tí ẹ máa kà kí wọ́n tó tẹ ìwé, tí owó àkọ́san sì ti wọlé, ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Púrúùfù ìwé Yorùbá sì máa ń gba àkókò ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí fọ́ǹtì tí ẹ lò kò bá wọ inú fáìlì PDF tí ẹ gbé fún un, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á fi fọ́ǹtì mìíràn dípò. Ibẹ̀ ni àmì abẹ́ lẹ́tà ti ń bọ́, tí àmì ohùn ń sún kúrò lórí lẹ́tà tó ni ín, tàbí tí àpótí kékeré ṣófo ń jókòó síbi tó yẹ kí "ọ̀" wà. Àwọn àkọlé orí ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí fọ́ǹtì tiwọn sábà máa ń yàtọ̀ sí ti inú ìwé, kì í sì í ṣe gbogbo fọ́ǹtì àkọlé ló mọ lẹ́tà wa. Ẹ má ṣí ìsanwó-sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó fọwọ́ sí púrúùfù yìí. Bí ẹ bá ti gba owó èèyàn, tí ẹ wá rí i pé àmì ti dàrú láti orí kìn-ín-ní dé ìkẹyìn, àtúnṣe náà á jẹ nínú ọjọ́ tí ẹ ti dá fún wọn.

Ojú ewé 208 tiyín dára púpọ̀. Ìdìpọ̀ olójú ewé 16 ni ọ̀pọ̀ onítẹ̀wé fi ń to ìwé: wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá, wọ́n á ká a, wọ́n á tò ó léra, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ èèpo, wọ́n á wá gé etí rẹ̀. 208 jẹ́ ìdìpọ̀ 13 géérégé. Bí ẹ bá wá rántí lọ́jọ́ ìkẹyìn pé ẹ fẹ́ fi ìdúpẹ́ ojú ewé méjì kún un, ó di 210, ìdìpọ̀ kẹrìnlá ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, owó á gùn sí i, ọjọ́ náà á gùn sí i. Bí ìdúpẹ́ bá ṣe kókó, ẹ wá ojú ewé méjì yọ níbòmíràn.

Kò sí iná, díísù wọ́n, gọ́ọ̀mù ò tètè gbẹ torí òjò, èèpo tí wọ́n lẹ ráìlọ̀n mọ́ ń ká sókè torí ọ̀rinrin: gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣẹlẹ̀ jù, tí onítẹ̀wé ò ní sọ fún yín, ni pé iṣẹ́ tó tóbi ju tiyín lọ wọlé, ó sì gba ipò yín lórí ẹ̀rọ. Ìgbà tí ilé ìwé bá ń wọlé ní Sẹ̀tẹ́ńbà àti ìgbà tí kàlẹ́ńdà bá bẹ̀rẹ̀ lápá ìparí ọdún ni kí ẹ ti máa retí ẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí onítẹ̀wé dá kọ́ lẹ ó gbé síta. Ẹ fi ọjọ́ iṣẹ́ méje kún un, ẹ fi ọjọ́ méjì kún un fún kíkọ orúkọ àti dídì, kí ẹ sì wo ọjọ́ ìsinmi tó wà láàárín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ká ní Ọjọ́ Ajé, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà, lẹ fọwọ́ sí púrúùfù. Ọ̀sẹ̀ méjì onítẹ̀wé parí ní Ọjọ́ Ajé, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà. Ẹ fi ọjọ́ iṣẹ́ méje kún un, ó di Ọjọ́rú, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e jẹ́ 1 Ọkitóbà, ọjọ́ òmìnira, ibi iṣẹ́ á wà ní títì. Ẹ lo Jímọ̀ àti Sátidé láti kọ orúkọ, láti fọwọ́ sí i àti láti dì í. Ọjọ́ Ajé, 5 Ọkitóbà, ni ìwé á kúrò lọ́wọ́ yín. Bí onítẹ̀wé bá mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ lóòótọ́, tí ìwé sì dé ní 21, ẹ ò pàdánù nǹkan kan. Oníbàárà tí ìwé rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ dé kì í bá èèyàn jà.

Ọjọ́ méjì ni kí ẹ kọ síta, kì í ṣe ẹyọ kan. Ọjọ́ tí ìwé máa kúrò lọ́wọ́ yín wà ní ìkáwọ́ yín. Ọjọ́ tó máa dé ọwọ́ oníbàárà, ọwọ́ agbéránṣẹ́ ló wà. Ẹni tó wà ní Bódìjà àti ẹni tó wà ní Kánò kò lè gbà á lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà ẹ dá ọjọ́ tí kò ní kọjá fún agbègbè kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì fi orúkọ oṣù kọ ọ́, ẹ má kọ 5/10. Ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé yín á kà á sí ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. ₦5,500 kọ́ ni oníbàárà máa san, àfi bó bá wá gbà á fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ₦5,500, tí ẹ wá sọ fún un ní ínbọ́ọ̀sì pé owó ìgbé jẹ́ ₦3,000, ojú rẹ̀ á ṣú. Bó bá jẹ́ pé ₦8,500 ló rí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti pinnu kó tó kọ̀wé sí yín. Àpapọ̀ owó ni kí ẹ kọ síta fún agbègbè kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó lè mọ owó ìgbé, ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí ìwé ṣe wúwo tó, torí ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ agbéránṣẹ́ fi ń dá iye. Ojú ewé 208 jẹ́ ewé 104. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n A5 lórí bébà gírámù 80, inú ìwé á wọn nǹkan bíi gírámù 260, èèpo líle á fi bí 20 kún un. Ìwé kan á tó gírámù 280, bí ẹ bá sì dì í tán, kó wà láàárín 330 sí 350. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé ẹ̀dà mẹ́ta, pẹ̀lú páálí rẹ̀, kò tíì pé kílò kan. Ẹ bi agbéránṣẹ́ yín bóyá láti kílò kan ni ìdíwọ̀n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ra mẹ́ta máa san owó ìgbé ẹyọ kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síta. Gbólóhùn kan yìí lè sọ ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan di ẹni tó kó ọ̀rẹ́ méjì mọ́ra.

Nínú àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀, mo lo ₦1,500 fún Ìbàdàn, ₦3,000 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wa ká, àti ₦4,000 fún ọ̀nà jíjìn. Ẹ má gbé iye tèmi; ẹ gba tiyín lẹ́nu agbéránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà síta, kí ẹ sì bi í bóyá iye náà á ṣì dúró títí di ọ̀sẹ̀ kejì Ọkitóbà. Owó epo lè yí i padà, ẹ̀yin lẹ ó sì san àfikún náà, torí ẹ ò lè padà lọ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ti sanwó.

Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí nìkan. Òfin wà fún un. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye rẹ̀ hàn, kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó fi hàn lọ. Òfin kan náà fún ẹni tó béèrè ọjà sílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń tà lè yọ iye tó bọ́gbọ́n mu nínú owó rẹ̀. Nítorí náà, "kò sí dídá owó padà" tí àwọn kan máa ń fi lẹ́tà gàdàgbà kọ sábẹ́ ọjà wọn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí wọ́n ṣe rò.

Ṣé kí ẹ kọ iye méjì, ₦5,500 nísinsìnyí àti ₦6,500 bí ìwé bá jáde? Bó bá jẹ́ tèmi, rárá, àyàfi bó bá dá yín lójú pé ₦6,500 náà lẹ ó tà á lóòótọ́, títí kan ilé ìtàwé. Bí ẹni tó sanwó sílẹ̀ bá rí ìwé kan náà ní ₦5,500 lórí tábìlì lóṣù Disẹ́ńbà, á gbà pé ẹ fi iye kejì dẹ́rù bà á ni. Ìfọwọ́sí yín ti tó ẹ̀bùn. Kò ná yín ní ẹgbẹ̀rún kan náírà lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ilé ìtàwé tó lè tà á.

Ìfọwọ́sí náà ní ìṣirò tirẹ̀. "Ẹ ó gba èyí tí mo fọwọ́ sí" tí ẹ kọ kò ní ààlà: ṣé ẹni 500 ni? Ṣé ẹni tó bá rà á lọ́dún tó ń bọ̀ náà wà níbẹ̀? Ẹ dá a sí 100. Kíkọ orúkọ, gbólóhùn kúkúrú kan, ìfọwọ́sí àti ọjọ́ á gba ìṣẹ́jú méjì lórí ẹ̀dà kan, bí ẹ ò bá fẹ́ kí ìkọ̀wé yín dà bí ti dókítà tó ń kọ oògùn. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà jẹ́ wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin pẹ̀lú ìsinmi, èyí tó wọ inú ọjọ́ méjì tí a yà sọ́tọ̀. Ẹ sọ pé aago tí owó wọlé lẹ ó fi mọ ẹni tó ṣáájú, kì í ṣe aago tí ó kọ̀wé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó sọ pé "ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀" lọ́jọ́ kìn-ín-ní, tó sì sanwó lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, á bá yín fà á.

Ẹ bèèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí ẹ kọ, kí ẹ sì ní kí àwọn fúnra wọn tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nínú ìwé. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì báńkì kì í sábà jẹ́ orúkọ tí èèyàn fẹ́ rí lójú ewé ìwé, ọ̀pọ̀ sì ń rà á fún ẹlòmíràn. Orúkọ tí ẹ bá ṣì kọ ti ba ẹ̀dà kan jẹ́ nìyẹn, kò ṣeé pa rẹ́. Ẹ ya ẹ̀dà márùn-ún sọ́tọ̀ fún àṣìṣe.

Ojú ewé àkọlé, èyí tó wà nínú ìwé lórí bébà lásán, ni kí ẹ fọwọ́ sí. Bíírò dáadáa ti tó. Máákà á là á kọjá sí ẹ̀yìn ewé gírámù 80, bó bá sì jẹ́ orí èèpo tí ráìlọ̀n bò ni, yíǹkì ò ní gbẹ dáadáa, àtàǹpàkò oníbàárà ló máa nù ún. Ẹ ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó pa á dé.

Ìfọwọ́sí yìí náà ló máa jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ẹ máa fa ilà sí lórí dídá owó padà. Ìwé tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni ṣeé tà fún ẹlòmíràn. Èyí tí ẹ ti kọ "Fún Ṣadé" sí, Ṣadé nìkan ló wúlò fún. Nítorí náà, ẹ dá owó padà láìyọ kọ́bọ̀ títí di ọjọ́ tí ìsanwó-sílẹ̀ máa parí, 26 Sẹ̀tẹ́ńbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè sọ pé ẹ ó yọ iye kan torí orúkọ tó ti wọ inú ìwé.

Ó wá ku kíkọ. Lórí Ínsítágíráàmù, nǹkan bíi lẹ́tà 125 ló máa ń hàn kí ó tó gé e, kí èèyàn tó níláti tẹ "more". Àkọlé ìwé, iye owó, ọjọ́ ìparí àti ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ wọ inú 125 yẹn. Ẹ rántí pé kọ̀ǹpútà ka "ọ̀" àti "ẹ́" sí méjì, lẹ́tà kan àti àmì kan, nítorí náà ọ̀rọ̀ Yorùbá máa ń tètè kún ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ẹ má sì lo àwọn fọ́ǹtì dídúdú tí wọ́n ń dà kọ láti orí ìkànnì. Wọn kì í ṣe lẹ́tà gidi, àmì wa kì í jókòó dáadáa lórí wọn, ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ sétí àwọn afọ́jú kò sì ní kà wọ́n bí ọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé:

> ÒWÚ TÍ KÒ JÁ, ìwé ìtàn àròsọ tuntun. ₦5,500. Ẹ sanwó sílẹ̀ títí 26 Sẹ̀tẹ́ńbà, kí n fọwọ́ sí tiyín.
>
> Ìyá kan ní Ìṣẹ́yìn ta òfì tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà, ẹni tó rà á gbé e padà wá. Ojú ewé 208, èdè Yorùbá.
>
> Ẹni 100 tí owó wọn bá kọ́kọ́ wọlé ni màá kọ orúkọ wọn sínú ìwé, tí màá sì fọwọ́ sí i. Bí 100 bá pé, màá sọ níbí.
>
> Àpapọ̀ owó, ìgbé wà nínú rẹ̀:
> Ẹ wá gbà á ní Mókólá: ₦5,500
> Ìbàdàn: ₦7,000
> Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì, Kwara: ₦8,500
> Ìpínlẹ̀ yòókù: ₦9,500
> Ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta sí àdírẹ́sì kan, owó ìgbé kan náà ni.
> Òkè òkun: ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ tó sanwó.
>
> Ọjọ́ Ajé, 5 Ọkitóbà, ni ìwé á kúrò lọ́wọ́ mi. Kò ní kọjá Ọjọ́rú 7 ní Ìbàdàn, Jímọ̀ 9 ní àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí mo dárúkọ, Ọjọ́rú 14 níbi yòókù.
>
> Ẹ sanwó sí: [báńkì, nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ àkáǹtì bó ṣe máa hàn]. Àkáǹtì kan ṣoṣo tí mo ní fún ìwé yìí nìyẹn.
> Lẹ́yìn náà, ẹ fi nǹkan mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù: rìsíìtì, orúkọ tí ẹ fẹ́ kí n kọ sínú ìwé, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbà á.
>
> Bí ẹ bá yí ọkàn padà, mo máa dá gbogbo owó padà títí 26 Sẹ̀tẹ́ńbà. Lẹ́yìn rẹ̀, màá yọ ₦1,500 bí orúkọ bá ti wà nínú ìwé.

Lẹ́tà ìlà àkọ́kọ́ yẹn kò ju nǹkan bí 100 lọ pẹ̀lú àmì, nítorí náà kò ní gé. Mo dédé hun ìlà ìtàn náà ni, torí mi ò tíì ka ìwé yín. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ju gbólóhùn méjì lọ. "Ìtàn ìfẹ́, ọ̀dàlẹ̀ àti ìdáríjì" kò ta ìwé kankan rí, gbogbo ìtàn ló rí bẹ́ẹ̀.

Ìlà orúkọ àkáǹtì ṣe pàtàkì bí orúkọ tí ẹ fi ń kọ̀wé bá yàtọ̀ sí ti báńkì. Nígbà tí oníbàárà bá tẹ nọ́ńbà tán, tí orúkọ tí kò mọ̀ sì jáde, á rò pé ọmọ Yahoo ni, á dúró. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé orúkọ báyìí ló máa hàn, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Líǹkì Wásáàpù á gba èèyàn lọ́wọ́ fífi nọ́ńbà pamọ́. Bí ẹ ṣe máa tẹ̀ ẹ́ nìyí, láìsí àmì àròpọ̀, láìsí 0 tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=OWU%20TI%20KO%20JA
```

Líǹkì yìí ṣeé tẹ̀ lórí Fesibúùkù àti nínú Wásáàpù fúnra rẹ̀. Lábẹ́ àwòrán Ínsítágíráàmù, kò ní ṣí. Orí ojú ìwé ara yín, níbi tí ẹ ti sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́, ni kí ẹ gbé e sí. Fún sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù, ẹ má da gbogbo ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ àti líǹkì ti tó, ẹ ó fi ìyókù ránṣẹ́ sí ẹni tó bá dáhùn.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ṣeé tún kọ nígbàkigbà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kọ sára àwòrán kò ṣeé tún kọ. Ẹ̀yin ń fi àwòrán náà ránṣẹ́ lónìí, ẹlòmíràn á ṣì máa fi í ránṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ Wásáàpù ilé ìjọsìn rẹ̀ lóṣù Fẹ́búárì. Bí ₦5,500 àti "èyí tí mo fọwọ́ sí" bá wà lára rẹ̀ láìsí ọjọ́ ìparí, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn fún un. Bí ẹ bá fẹ́ kọ iye sára àwòrán, ẹ kọ "títí 26 Sẹ̀tẹ́ńbà" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí lẹ́tà iye náà ṣe tóbi tó. Kí ẹ má kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára àwòrán rárá, torí ẹnikẹ́ni lè pa á rẹ́ kó fi tirẹ̀ síbẹ̀.

Bí onítẹ̀wé bá wá já yín kulẹ̀ ńkọ́? Ní Ọjọ́rú 30 Sẹ̀tẹ́ńbà lẹ máa mọ̀. Bí ìwé ò bá tíì sí lọ́wọ́ yín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má dúró de 5 Ọkitóbà. Ẹ lọ wo iṣẹ́ náà fúnra yín: bó bá jẹ́ pé ó ku gígé etí, ọjọ́ méjì ni, bó bá jẹ́ pé inú ìwé ò tíì jáde lórí ẹ̀rọ, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ̀wé sí olúkúlùkù tó ti sanwó, kì í ṣe sí ojú òpó nìkan: "Ẹ jọ̀ọ́, ìwé yín kò ní lè kúrò lọ́wọ́ mi ní 5 Ọkitóbà, torí inú rẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Ọjọ́ Ajé, 19 Ọkitóbà, ni mo dá báyìí. Bí ẹ ò bá lè dúró, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, gbogbo owó yín á padà láàárín ọjọ́ méjì." Ìdí kan, ọjọ́ kan, ọ̀nà àbáyọ kan. Ẹ̀bẹ̀ gígùn àti ìtàn NEPA kò wúlò fún wọn. Bí ẹ bá sún ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ rí i pé ó jìnnà tó tí ẹ ò fi ní sún un lẹ́ẹ̀kejì.

Ní alẹ́ 26 Sẹ̀tẹ́ńbà, tàbí ní wákàtí tí ẹni ọgọ́rùn-ún bá pé, ẹ ṣí ọ̀rọ̀ náà, ẹ yí ìlà àkọ́kọ́ padà sí "ÒWÚ TÍ KÒ JÁ, ₦5,500. Ìfọwọ́sí ti parí, ìwé ṣì wà," kí ẹ sì yọ ìpínrọ̀ ẹ̀bùn kúrò. Ẹ yí sítátọ́ọ̀sì náà padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà.